Ìmọ̀, Ìmọ̀lára àti Ìṣe: Bí Àwọn Onípolówó Ṣe Ń Yí Ìhà Oníbàárà Padà

Ìhà tí oníbàárà kọ sí ọjà ni ojú tí ó fi ń wo ọjà náà, tí ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó yí padà. A kì í bí i mọ́ ènìyàn. Láti inú ohun tí ènìyàn gbọ́, ohun tí ó rí àti ohun tí ó ti lò rí ni ó ti ń kọ́ ọ. Ìhà kò ṣeé fi ojú rí, kò sì ṣeé gbé lé orí òṣùwọ̀n. Ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà àti ìṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni a fi ń mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ wà. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ fi pín in sí ẹ̀yà mẹ́ta, kí ó lè rọrùn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Milton Rosenberg àti Carl Hovland ni wọ́n tò ó lọ́nà yìí ní 1960, títò náà ni ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìhùwàsí oníbàárà títí di òní.

Ẹ̀yà kìíní ni ìmọ̀. Ohun tí oníbàárà gbà gbọ́ nípa ọjà ni èyí, ìbáà jẹ́ òótọ́, ìbáà jẹ́ irọ́. Ẹni tó bá ní ọṣẹ kan máa ń hó dáadáa, pé ó wọ́n, pé ó máa ń ba aṣọ aláràbarà jẹ́, ìmọ̀ rẹ̀ nípa ọṣẹ náà ni ó ń sọ. Ẹ̀yà kejì ni ìmọ̀lára: ìfẹ́, ìkórìíra, ìtìjú, ayọ̀ tàbí ìbẹ̀rù tí ó máa ń sọ nínú oníbàárà nígbà tí ọjà náà bá wá sí i lọ́kàn. Ẹ̀yà kẹta ni ìṣe. Kì í ṣe rírà àti lílò nìkan ni ìṣe yìí; ìpinnu láti rà wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. "Mo fẹ́ràn ọṣẹ yìí" jẹ́ ìmọ̀lára, "n óò rà á bí mo bá dé ọjà" sì jẹ́ ti ìṣe. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń da gbólóhùn méjèèjì yìí pọ̀, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn wọn ti máa ń wọ́.

Kíka ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìka kò tíì fi bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Ìwádìí kan tí Mason Haire gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1950 ni ó fi í hàn jù. Nígbà náà, kọfí lẹ́búlẹ́bú tí a kàn ń da omi gbígbóná sí, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Nestlé ń tà lábẹ́ orúkọ Nescafé láti 1938, kò rọ́wọ́ mú tó bó ṣe yẹ. Ó yá, ó rọrùn, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé ṣì ń se kọfí lílọ̀ lórí iná. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn nínú kọfí lẹ́búlẹ́bú, èsì tó pọ̀ jù ni pé adùn rẹ̀ kò tó. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìbá kàn máa tún adùn kọfí rẹ̀ ṣe lọ.

Haire kò gba èsì yẹn bẹ́ẹ̀. Ó kọ ìwé ohun tí ìyàwó ilé kan fẹ́ rà lọ́jà lọ́nà méjì. Ohun méje ni ó wà nínú ìwé kọ̀ọ̀kan: ẹran lílọ̀, búrẹ́dì méjì, kárọ́ọ̀tì, páúdà tí a fi ń mú àkàrà òyìnbó wú, kọfí, èso píìṣì inú agolo àti ànàmọ́ òyìnbó. Ohun mẹ́fà kò yàtọ̀ rárá. Kọfí nìkan ni ó yàtọ̀: Nescafé wà nínú ìwé kan, kọfí lílọ̀ Maxwell House wà nínú èkejì. Àádọ́ta obìnrin ka ìwé kìíní, àádọ́ta mìíràn ka èkejì, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ìwé méjì ni ó wà. Ohun tí wọ́n ní kí oníkálukú wọn ṣe ni pé kí ó fojú inú wo obìnrin tó ni ìwé náà, kí ó sì kọ irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́ sílẹ̀.

Èsì tó jáde yani lẹ́nu. Ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ka ìwé Nescafé ni ó pe obìnrin náà ní ọ̀lẹ, èyí tíí ṣe mẹ́rìnlélógún nínú àádọ́ta. Nínú àwọn tó ka ìwé Maxwell House, ìdá 4 péré ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ènìyàn méjì. Ìdá 16 ní ìhà Nescafé kọ ọ́ pé kì í ṣe ìyàwó rere. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kọ irú rẹ̀ ní ìhà kejì. Agolo kọfí kan ṣoṣo ni ó fa gbogbo èyí. Àwọn obìnrin tó ń sọ pé adùn ni kò tẹ́ wọn lọ́rùn ní ohun mìíràn lọ́kàn tí ẹnu wọn kò lè sọ jáde nígbà tí a bi wọ́n lójúkojú.

Bí a bá wá gbé ẹ̀yà mẹ́ta náà lé ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo rẹ̀ á hàn. Ní ti ìmọ̀, àwọn obìnrin wọ̀nyí gbà pé kọfí lẹ́búlẹ́bú yá, pé adùn rẹ̀ kò tó, àti pé ọ̀lẹ ni ẹni tó bá ń rà á. Ìgbàgbọ́ ìkẹta yìí kì í ṣe nípa kọfí rárá. Nípa ẹni tó ń mu ún ni. Ní ti ìmọ̀lára, ìtìjú ni ó so mọ́ ọn: ta ni ó fẹ́ kí àlejò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù òun kí ó bá a níbẹ̀? Ní ti ìṣe, wọ́n fi í sílẹ̀ lórí káńtà. Haire tilẹ̀ tẹ̀ síwájú láti wo ilé àwọn obìnrin kan, ó sì rí i pé àwọn tó ní kọfí lẹ́búlẹ́bú nílé kì í sábà sọ̀rọ̀ burúkú nípa obìnrin inú ìwé náà bíi ti àwọn tí kò ní in. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń wí nígbà tí wọ́n bá sọ pé ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń fẹ́ wà ní ìṣọ̀kan: bí ìmọ̀ bá dojú kọ ibì kan, ìmọ̀lára àti ìṣe kì í jìnnà sí i. Ìṣọ̀kan yìí náà ni onípolówó ń lò. Ẹ̀yà kan ṣoṣo ni ó nílò láti fọwọ́ kàn dáadáa, kí àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Láti ọ̀nà ìmọ̀ ni ìdánwò sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìṣirò wà níbẹ̀. Martin Fishbein ni ó fi ìṣirò yìí lélẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. A máa ń kọ ọ́ báyìí: A = Σ b × e. A ni ìhà oníbàárà. Lẹ́tà b ni bí ó ṣe gbà tó pé ọjà náà ní ànímọ́ kan. E ni bí ànímọ́ náà ṣe dára tó lójú rẹ̀. Àmì Σ ní kí a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi kọfí náà ṣe é, pẹ̀lú nọ́ńbà tí a dá sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ, láti −3 tó burú jù dé +3 tó dára jù. Ànímọ́ mẹ́ta ni a óò wò. Adùn ní +3 lójú ìyàwó ilé náà. Yíyá ní +1, nítorí pé kò kà á sí púpọ̀. Orúkọ rere láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní +3. Ó gbà pé kọfí lẹ́búlẹ́bú ní −1 ní adùn, +3 ní yíyá, −2 ní orúkọ rere. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, adùn mú −3 wá, yíyá mú +3 wá, orúkọ rere mú −6 wá. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ −6. Ní ti kọfí lílọ̀, ó fún un ní +2 ní adùn, −1 ní yíyá, +2 ní orúkọ rere. Èyí jẹ́ 6, −1 àti 6, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 11. Àlàfo 17 ló wà láàárín wọn.

Onípolówó lè gba ibi ìgbàgbọ́ wọlé. Bí ó bá tún adùn kọfí rẹ̀ ṣe, tí ìyàwó ilé náà sì gbà á gbọ́ débi pé −1 di +1, àpapọ̀ kúrò ní −6, ó bọ́ sí 0. Ó ṣì jìnnà sí 11. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi adùn sílẹ̀ tí ó mú ọ̀rọ̀ orúkọ rere láti −2 dé +1, àpapọ̀ di 3. Ìyàtọ̀ yìí ni ìwádìí Haire là fún ilé-iṣẹ́: owó tí wọn ì bá ná sórí adùn nìkan kò ní gbé wọn dé ibi tí owó tí a ná sórí ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo ẹni tó ń rà á lè gbé wọn dé. Ìpolówó tó bá fi ìyá kan hàn tí ó ń po kọfí rẹ̀ kíákíá kí ó lè ráyè kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ àṣetiléwá ń lu ìgbàgbọ́ yẹn tààrà.

Ó tún lè fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀, kí ó wá yí bí ànímọ́ kan ṣe ṣe pàtàkì tó padà. Kí a ní ó polówó títí tí yíyá fi kúrò ní +1 tí ó di +3. Kọfí lẹ́búlẹ́bú á di −3, 9 àti −6, àpapọ̀ 0. Akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ máa ń dúró síbẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé pé e kì í ṣe ti ọjà kan ṣoṣo. Ọkàn oníbàárà ló wà, nítorí náà ó yí ìṣirò kọfí lílọ̀ padà pẹ̀lú: 6, −3 àti 6, àpapọ̀ 9. Àlàfo kúrò ní 17, ó di 9. Ọ̀nà yìí dára fún ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ pé òun borí àwọn abánidíje ní ànímọ́ tí òun ń gbé ga. Bí abánidíje bá dára jù ú lọ níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi owó ara rẹ̀ ta ọjà ẹlòmíràn. Ọ̀nà kẹta ni láti fi ànímọ́ tí kò sí lọ́kàn oníbàárà tẹ́lẹ̀ kún un, bíi pé kọfí yìí kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀ nínú agolo. Ọ̀nà kẹrin ni láti yí ohun tí oníbàárà gbà gbọ́ nípa ọjà abánidíje padà. Ìyẹn léwu, nítorí pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí tó dájú kí òfin má baà mú un, orúkọ abánidíje náà sì lè wá di èyí tí ènìyàn rántí.

Ìṣirò kò lè dé ibi gbogbo. Ọ̀nà ìmọ̀lára kì í bá oníbàárà jiyàn. Ó kàn máa ń so ọjà mọ́ ohun tí oníbàárà ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Gerald Gorn dán èyí wò ní 1982. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, ó sọ fún wọn pé ilé-iṣẹ́ kan ń wá orin tí yóò fi polówó bírò. Bírò náà wà ní àwọ̀ méjì, àwọ̀ iyanrìn àti àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bí àwòrán ọ̀kan ṣe ń hàn lójú pátákó ni orin ń dún: orin láti inú fíìmù Grease fún àwọn kan, orin àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà tí etí wọn kò mọ̀ fún àwọn mìíràn. Lẹ́yìn náà, ó ní kí oníkálukú mú bírò kan lọ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbọ́ orin tí wọ́n fẹ́ràn ni ó mú àwọ̀ bírò tí wọ́n rí. Láàárín àwọn tó gbọ́ orin kejì, ìdá 30 péré ni ó mú àwọ̀ tí wọ́n rí. Kò sí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kan nípa dídára bírò náà fún wọn.

Àwọn onípolówó fẹ́ràn ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ èyí tó kù nínú rẹ̀. James Kellaris àti Anthony Cox tún irú àdánwò bẹ́ẹ̀ ṣe ní 1989, wọn kò sì rí èsì náà. Gorn fúnra rẹ̀ ti rí i nínú àdánwò rẹ̀ kejì pé nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ̀ pé àwọn fẹ́ ṣe ìpinnu gidi nípa bírò, ọ̀pọ̀ wọn máa ń mú bírò tí ìpolówó rẹ̀ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe èyí tí orin wà nínú rẹ̀. Orin lágbára nígbà tí ọkàn oníbàárà kò sí níbẹ̀. Bí owó tó fẹ́ ná bá pọ̀, tàbí bí ewu bá wà nínú ṣíṣe àṣìṣe, àlàyé ni yóò máa wá. Èyí gan-an ni Richard Petty àti John Cacioppo sọ di àlàyé ńlá ní àwọn ọdún 1980: ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọ ọkàn, ọ̀nà àárín tí ènìyàn ti ń ro ọ̀rọ̀ wò, àti ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tí ó ti ń tẹ̀ lé ẹwà, orin tàbí ẹni tó gbajúmọ̀. Ìhà tó bá gba àárín wọlé máa ń pẹ́ jù, kì í sì í yẹ̀ bọ̀rọ̀ tí ìpolówó mìíràn bá dé.

Ọ̀nà kẹta bẹ̀rẹ̀ láti ìṣe, ó sì máa ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, nítorí pé ènìyàn a máa rò pé a gbọ́dọ̀ fẹ́ràn nǹkan kí a tó rà á. Fún ọjà kéékèèké tí kò gba ìrònú, bí ọṣẹ, súwìtì tàbí bisikíìtì, oníbàárà lè rà á kí ó tó ní ìhà kankan sí i. Ìdí nìyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń pín ọjà kékeré lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ fún ènìyàn tọ́ wò ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà, tí wọ́n sì ń dín owó kù fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ ṣáájú, kí ọkàn tẹ̀ lé e.

Ìdí tí ọkàn fi ń tẹ̀ lé e wà nínú iṣẹ́ Leon Festinger. Ó ṣàlàyé ní 1957 pé ara ènìyàn kì í balẹ̀ nígbà tí ìṣe rẹ̀ bá tako ohun tí ó gbà gbọ́, tí kò bá sì lè yí ìṣe padà mọ́, ìgbàgbọ́ ni yóò yí. Ní 1959, òun àti James Carlsmith fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní iṣẹ́ tí ń súni fún wákàtí kan, wọ́n sì sanwó fún wọn kí wọ́n sọ fún ẹlòmíràn pé iṣẹ́ náà dùn. Dọ́là kan ni wọ́n fún àwọn kan, ogún dọ́là ni wọ́n fún àwọn mìíràn. Nígbà tí wọ́n wá bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà, àwọn tó gba dọ́là kan ni ó sọ pé iṣẹ́ náà dùn jù. Àwọn tó gba ogún dọ́là mọ ìdí tí wọ́n fi parọ́; àwọn tó gba dọ́là kan kò rí ìdí kankan, ni ọkàn wọn bá wá ìdí fún wọn.

Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń dín owó ọjà kù. Bí ẹ̀dínwó bá pọ̀ jù, oníbàárà á sọ pé torí owó pọ́ọ́kú ni òun ṣe rà á, ìhà rẹ̀ kò sì ní yí padà. Àmì rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀: ọjà á tà wìtìwìtì ní ọ̀sẹ̀ ẹ̀dínwó, yóò sì padà sí bó ṣe wà bí iye owó bá ti padà sí ipò rẹ̀. Ẹ̀dínwó tó mọ níwọ̀n, tí oníbàárà ṣì ná díẹ̀ nínú owó ara rẹ̀, ni ó máa ń fi ìhà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nínú ìdánwò, ìbéèrè kì í sábà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ẹ̀yà mẹ́ta lásán. Yóò fún un ní ọjà kan tí kò tà, yóò sì bi í léèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ yẹ kó ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ wá ẹ̀yà tí wàhálà wà. Bí àwọn ènìyàn kò bá mọ ohun tí ọjà náà lè ṣe, ìmọ̀ ló nílò àtúnṣe. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ṣùgbọ́n tí ojú ń tì wọ́n, bíi ti kọfí lẹ́búlẹ́bú, àlàyé lórí adùn kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n tí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò rà á, ìhà lè má ní wàhálà kankan. Owó lè wọ́n jù, ọjà lè má dé àdúgbò wọn, tàbí ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù lè dí wọn lọ́wọ́. Fishbein àti Icek Ajzen fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí kún àlàyé wọn ní àwọn ọdún 1970: ohun tí ènìyàn rò pé àwọn ẹni tó ṣe pàtàkì sí òun ń fẹ́ wà lára ohun tó ń darí ìpinnu rẹ̀, yàtọ̀ sí ìhà tirẹ̀. Wọ́n tún kìlọ̀ pé ìhà sí nǹkan fúnra rẹ̀ àti ìhà sí rírà á kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó iyebíye lè má fẹ́ ra ọ̀kan láéláé, nítorí náà rírà gan-an ni ó yẹ kí ìbéèrè ìwádìí dá lé.

Ní 1970, Frederick Webster àti Frederick von Pechmann tún gbé ìwé ọjà méjì Haire síwájú àwọn obìnrin Amẹ́ríkà. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín ẹni tó ra Nescafé àti ẹni tó ra kọfí lílọ̀ ti pòórá. Ogún ọdún ìpolówó wà láàárín ìwádìí méjèèjì, ṣùgbọ́n láàárín ogún ọdún kan náà ni oúnjẹ inú agolo àti oúnjẹ àsèyá kún inú ilé gbogbo, tí ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé sì jáde lọ ṣiṣẹ́ owó oṣù. Ìwádìí náà jẹ́rìí pé ìhà yí padà; kò sọ iye tó jẹ́ ti ìpolówó nínú rẹ̀. Ìdáhùn ìdánwò tó bá fi gbogbo ìyípadà yẹn fún onípolówó ti sọ ju ohun tí ẹ̀rí lè gbé lọ.